Ìwò, Orí Òǹwòran àti Wákàtí: Bí A Ṣe Ń Ka Iye Mẹ́ta Orí YouTube Láì Dà Wọ́n Pọ̀

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí. Ìbàdàn ló ń gbé, oúnjẹ ilé wa ló sì ń sè lórí YouTube: gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀kuru, àsáró. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èèyàn ló wò mí lóṣù yìí o! Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n ní kéèyàn ní kí owó tó máa wọlé, mo sì ti kọjá ibẹ̀. Kí ló wá dé tí wọn ò tíì sanwó fún mi?"

Mo ní kó ya ojú fóònù rẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Mo rí 6,000 níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ 6,000 yẹn kì í ṣe èèyàn. 4,000 tó ń sọ náà kì í ṣe èèyàn, kì í sì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò. Ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ló dà sínú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣàlàyé wọn fún un tẹ́lẹ̀, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á tún dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé YouTube tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, mo sì mú un lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà

Gbogbo wa la mọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò: ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù, bẹ́ǹṣì gígùn, tẹlifíṣọ̀n méjì, àti ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ká ní pé èèyàn mẹ́ta péré ló wá lọ́jọ́ kan. Bàbá kan wọlé nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, kò sì dìde títí tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fi pé. Ọmọkùnrin kan wọlé, ó wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ pè é, ó jáde. Ó padà wá wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún jáde, ó sì tún wá wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lọ pátápátá. Ìyá ẹlẹ́pà kan náà wọlé, ó wo ìṣẹ́jú márùn-ún, ó bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Tí ẹni tó ni ilé bá dé lálẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ló lè bi ọmọ ẹnu ọ̀nà. Èkíní: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ́nì kan gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé? Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀márùn-ún: bàbá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọmọkùnrin wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ìyá ẹlẹ́pà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Èkejì: èèyàn mélòó ló wá? Mẹ́ta. Ẹ̀kẹta: tí a bá ro àsìkò tí gbogbo wọn fi jókòó pọ̀, mélòó ni? Àádọ́rùn-ún pẹ̀lú ọgbọ̀n pẹ̀lú márùn-ún, ìṣẹ́jú 125 nìyẹn, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún.

Márùn-ún, mẹ́ta, wákàtí méjì lé díẹ̀. Eré kan náà, ilé kan náà, èèyàn kan náà, síbẹ̀ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ìbéèrè wọn ni kò jọra.

Lórí YouTube, ìwọlé márùn-ún yẹn ni ojú ìwé ń pè ní Views. Èèyàn mẹ́ta yẹn ni Unique viewers. Àsìkò ìjókòó yẹn ni Watch time, wákàtí ni wọ́n sì fi ń kà á. Láti ibí lọ, ìwò ni màá máa pe àkọ́kọ́, orí òǹwòran ni màá máa pe èkejì, torí orí là ń kà tí a bá fẹ́ mọ iye èèyàn, wákàtí ni màá sì máa pe ẹ̀kẹta. Tí nọ́ńbà kan bá ti wà níwájú yín, ẹ bi í léèrè ná: ṣé ìwọlé ni ọ́, ṣé orí ni ọ́, àbí ìjókòó?

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ọjọ́ wọn bára mu

Ẹ ṣí YouTube Studio, yálà áàpù rẹ̀ lórí fóònù tàbí studio.youtube.com lórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ló dára jù fún iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yìí, torí fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ tẹ Analytics. Ojú ìwé tó kọ́kọ́ yọ ni Overview. Ìwò àti wákàtí wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orí òǹwòran kì í sábà sí níbẹ̀, apá Audience lẹ ti máa wá a. Tó bá jẹ́ pé Monthly audience lẹ rí níbẹ̀, orí náà ni, ti ọjọ́ 28 tó gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá fẹ́ rí Unique viewers fún ọjọ́ tó wù yín, ẹ tẹ Advanced mode, kí ẹ sì fi kún ohun tó ń kà.

Ẹ máa ṣọ́ra gan-an níbí, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Lókè ojú ìwé, lápá ọ̀tún, àyè kan wà tí wọ́n ti ń yan ọjọ́. Bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ọjọ́ 28 tó gbẹ̀yìn ló máa ń fi hàn. Àmọ́ iye ìwò tí gbogbo ayé ń rí lábẹ́ fídíò yín, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sókè ni. Iye tó wà nínú àpótí Realtime sì jẹ́ ti wákàtí 48 tó kọjá. Àbúrò mi á mú ìwò láti abẹ́ fídíò, á mú wákàtí láti Overview, á wá máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi bára mu. Owó tó pa láàárín ọdún kan ló ń fi wé owó tó ná lọ́sẹ̀ kan.

Torí náà, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yàn sókè ìwé náà, kí ẹ sì kọ iye mẹ́ta yẹn sábẹ́ rẹ̀ láti inú ọjọ́ kan náà. Tí èyí tó wà níwájú yín kò bá sí nínú ọjọ́ yẹn, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má sì kánjú lórí ti àná, torí Analytics máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó ka àwọn iye kan tán.

Ohun tí àbúrò mi kọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn rèé, fún ọjọ́ 28: ìwò 6,000, orí òǹwòran 3,900, wákàtí 155.

Ìṣirò méjì tó so wọ́n pọ̀

Tí iye mẹ́ta bá kàn dá dúró, ó rọrùn kí wọ́n tún dàpọ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀ mọ́ ni kéèyàn mọ bí ọ̀kan ṣe bí èkejì.

Ẹ pín ìwò fún orí òǹwòran. 6,000 tí a pín fún 3,900 jẹ́ nǹkan bí 1.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá dọ́gba rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wo fídíò rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ láàárín oṣù náà. Àwọn kan wo ẹyọ kan, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn mìíràn wo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kò sígbà tí ìwò lè kéré sí orí, torí ẹni tí kò wọlé kò lè wà nínú ilé. Bí ẹ bá rí i pé orí pọ̀ ju ìwò lọ nínú ìwé yín, ẹ ti mú ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí ẹ padà lọ wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ wákàtí di ìṣẹ́jú, kí ẹ wá pín in fún ìwò. Wákàtí 155 ní ọ̀nà 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 9,300. Tí a bá pín in fún 6,000, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ lé díẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n kọ Average view duration sí lẹ ti máa rí iye yìí gan-an, tí ẹ ò bá fẹ́ ṣe ìṣirò. Èmi ṣáà fẹ́ kí ẹ ṣe é fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, torí ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ pín in kò ní pe wákàtí ní èèyàn mọ́.

```
ìwò ÷ orí = ìwò ẹnì kọ̀ọ̀kan
wákàtí × 60 ÷ ìwò = ìṣẹ́jú ìwò kọ̀ọ̀kan
```

Ohun kan wà níbí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wákàtí lè pọ̀ sí i láì jẹ́ pé ìwò pọ̀ sí i. Fídíò gbẹ̀gìrì àbúrò mi gùn tó ìṣẹ́jú méjìlá. Nígbà tí a ṣí àwòrán Audience retention rẹ̀, ìyẹn ilà tó ń fi hàn bí àwọn òǹwòran ṣe ń dúró tàbí jáde bí fídíò ṣe ń lọ, ilà náà ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nínú gbogbo fídíò, àmọ́ nígbà tó dé ibi tó ti ń fi ìjábẹ̀ ja ẹ̀wà náà, ilà yẹn gbérí sókè bí òkè kékeré. Àwọn òǹwòran ń dá fídíò padà níbẹ̀ kí wọ́n lè rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí àti bí ẹ̀wà náà ṣe rí nígbà tó kúnná. Ẹni tó bá dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, ìwò kan náà ló ṣì ní, orí kan náà ló ṣì ní, àmọ́ ìṣẹ́jú tó fi wo ibẹ̀ léraléra ń wọnú wákàtí. Ọmọkùnrin ilé ìwòran ni, tí kò jáde, tó kàn ní kí wọ́n tún góòlù yẹn fi han òun.

Orí òǹwòran kò ṣeé ròpọ̀

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni mo rí i pé ó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù, kódà àwọn tó ti ń ṣe YouTube fún ọdún mélòó kan. Mo ní kí àbúrò mi pín ọjọ́ 28 yẹn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó yan ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó rí.

Ìwò ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,600, 1,450, 1,650 àti 1,300. Ẹ rò ó pọ̀: 6,000 géérégé. Ó bára mu. Wákàtí náà bára mu bẹ́ẹ̀. Orí òǹwòran ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá jẹ́ 1,300, 1,250, 1,400 àti 1,150. Ó rò ó pọ̀, ó di 5,100. Àmọ́ fún ọjọ́ 28 kan náà, 3,900 ni Studio kọ. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "wọ́n ti jẹ 1,200 mọ́ mi lọ́wọ́!"

Kò sẹ́ni tó jẹ nǹkan kan. Obìnrin kan tó ń wo oúnjẹ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ́ orí kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí kan ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Tí ẹ bá ro ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ ti sọ ọ́ di èèyàn mẹ́rin. Ní ti oṣù, ẹnì kan ṣoṣo ni. Bí ẹni tó ń lọ sọ́jà ọlọ́rọọrún ni: ẹ lè ka iye ìgbà tó ná ọjà náà, ẹ lè rò ó pọ̀, àmọ́ ìyá kan kì í di ìyá mẹ́rin torí pé ọjọ́ ọjà mẹ́rin ló wá.

Nítorí náà, ìwò ṣeé ròpọ̀, wákàtí ṣeé ròpọ̀, orí kò ṣeé ròpọ̀. Ó kan fídíò náà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: orí tó wo gbẹ̀gìrì pẹ̀lú orí tó wo ẹ̀fọ́ rírò kì í ṣe iye èèyàn tó wo ìkànnì yín, torí àwọn kan wo méjèèjì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ orí fún oṣù, oṣù ni kí ẹ yàn lókè ojú ìwé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rò ó.

Ẹ tún mọ̀ pé YouTube ń fojú bu orí òǹwòran ni. Kò lè yọjú wo inú yàrá. Ẹni tó wo fídíò yín lórí fóònù láàárọ̀, tó tún wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, wọ́n ń gbìyànjú láti mọ̀ pé ẹnì kan ni. Àmọ́ bí ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n ń wo àsáró, ìwò kan ni wọ́n máa kà. Ní ilẹ̀ wa tí fóònù kan ti máa ń yí ọwọ́ ìyá, ọmọ àti aládùúgbò ká, iye èèyàn tó rí iṣẹ́ yín gan-an lè ju orí tí ẹ ń rí lọ.

Ẹ ya Shorts sọ́tọ̀

Ní ọjọ́ 28 yẹn, fídíò kúkúrú mẹ́ta ni àbúrò mi fi sí Shorts, ó sì gbé fídíò gígùn mẹ́rin. Ní apá Content, wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí wọn: Videos, Shorts, Live. Nígbà tó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ló rí. Shorts ní ìwò 4,500 àti wákàtí 30. Fídíò gígùn ní ìwò 1,500 àti wákàtí 125.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Nínú ìwò mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ti Shorts. Nínú wákàtí, Shorts kò tó ìdá márùn-ún. Ìwò Shorts kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 24. Ìwò fídíò gígùn kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ tí a rí lẹ́ẹ̀kan yẹn kò sọ òótọ́ nípa èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí a da ìrẹsì àti gààrí sínú kóńgò kan náà kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ohun mìíràn tún mú kí ìwò Shorts yàtọ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, gbogbo ìgbà tí Shorts kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lójú ẹnì kan, tàbí tó tún ara rẹ̀ ṣe, ìwò ni wọ́n ń kà á sí, ì báà jẹ́ pé ìka onítọ̀hún ti tì í kọjá kíá. Iye ti àtijọ́, tó ń ka àwọn tó dúró wò ó ní tòótọ́, ṣì wà ní Advanced mode pẹ̀lú orúkọ Engaged views. Bí ìwò Shorts yín bá dédé fò sókè láti àsìkò yẹn láì jẹ́ pé ohun mìíràn yí padà, ẹ wo Engaged views kí ẹ tó máa yọ̀. Ti owó, Engaged views ni wọ́n ń lò.

Ibi tí 4,000 ti wọ ọ̀rọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ohun tí YouTube ń béèrè kí ìkànnì kan tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpolówó ni ìwò 10,000 láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìwò ni nígbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n yí i padà sí èèyàn 1,000 tó ti tẹ Subscribe àti wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn. Àwọn kan ṣì ń fi ti àtijọ́ kọ́ èèyàn, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹni tuntun máa ka ìwò nígbà tó yẹ kó máa ka wákàtí. Ọ̀nà Shorts wà fún ẹni tó bá wù: ìwò Shorts mílíọ̀nù mẹ́wàá láàárín ọjọ́ 90, dípò wákàtí 4,000 yẹn. Ìlẹ̀kùn kékeré kan náà wà láti oṣù kẹfà ọdún 2023: èèyàn 500 tó ti tẹ Subscribe, fídíò mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, àti wákàtí 3,000 tàbí ìwò Shorts mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìyẹn ń ṣí ọ̀nà kí àwọn òǹwòran fúnra wọn lè fún yín lówó, àmọ́ owó ìpolówó kò sí níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí orí òǹwòran nínú gbogbo èyí. YouTube kò béèrè iye èèyàn tó wò yín kí ẹ tó wọlé. Àwọn tó tẹ Subscribe kì í sì í ṣe orí òǹwòran: ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ kó má wo nǹkan kan fún odidi ọdún, ẹlòmíràn sì lè máa wò yín lójoojúmọ́ kó má tẹ̀ ẹ́ láé.

Apá tí wọ́n pè ní Earn nínú Studio ni kí ẹ ti máa wo wákàtí tó wúlò fún èyí. Ẹ má ṣe wò ó ní Analytics. Ní Analytics, wákàtí àbúrò mi fún ọjọ́ 365 jẹ́ 1,420. Ní Earn, 1,020 ló rí. Ó tún rò pé wọ́n ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. A jọ wá 400 tó sọnù yẹn títí a fi rí i. Nǹkan bí 290 jẹ́ ti Shorts, torí ohun tí wọ́n wò nínú ọ̀wọ́ Shorts kì í wọ wákàtí 4,000. Nǹkan bí 110 tó kù jẹ́ ti fídíò ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó gbé sókè fún ẹbí, tó sì fi sí Unlisted, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ní líǹkì nìkan ló máa rí i. Fídíò tó wà ní gbangba nìkan ni wọ́n ń kà. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́, èyí tí ẹ bá pa rẹ́ àti ìwò tí ẹ fi owó ìpolówó rà, gbogbo wọn ló bọ́ sẹ́yìn.

Mo rí àwọn ẹgbẹ́ Wasáàpù tí wọ́n ti ń sọ pé "wo tèmi, kí n wo tìẹ", mo sì rí àwọn tó ń ta wákàtí 4,000 bíi káàdì fóònù. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó fi owó ọjà rẹ̀ ra irú rẹ̀. YouTube ń yẹ ìwò wò, wọ́n ń yọ èyí tí kò mọ́ kúrò, wákàtí rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ohun tó máa ń tú wọn fó ni ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn: bí ìwò bá dédé pọ̀ nígbà tí orí kò kúrò lójú kan, tí èèyàn bíi mélòó kan ń wo fídíò kan náà léraléra lójúmọ́ kan, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ pé kì í ṣe ebi gbẹ̀gìrì ló ń pa wọ́n.

Ìkòkò tó ń jò

Àbúrò mi gbé nọ́ńbà Earn síwájú, ó ní, "Ó ku 2,980. Mò ń rí 125 nínú ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan. Ọdún méjì péré ni màá fi dúró." Ìṣirò rẹ̀ pé, àmọ́ kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjìlá tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kà, oṣù méjìlá yẹn sì ń rìn lójoojúmọ́. Wákàtí tòní ń wọlé, wákàtí ọjọ́ tó pé ọdún kan ń jáde. Bí ìkòkò tí wọ́n lu ihò sí nídìí ni. Ẹ fi ọjọ́ 365 pín fún 28, ó jẹ́ mẹ́tàlá. Bó bá ń rí wákàtí 125 nínú ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìkòkò rẹ̀ máa kún dé ni 125 ní ọ̀nà 13, ìyẹn wákàtí 1,625. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lórí fóònù nígbà tí mo sọ èyí. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mo ní kó jẹ́ ká yí ìṣirò náà padà, ká bẹ̀rẹ̀ láti òpin. 4,000 tí a pín fún 13 jẹ́ nǹkan bí 308. Iye wákàtí fídíò gígùn tó nílò nínú ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kì í ṣe 125. Wákàtí 308 jẹ́ ìṣẹ́jú 18,480. Tí ìwò kọ̀ọ̀kan bá ṣì ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwò fídíò gígùn tó nílò jẹ́ 3,696. Ó ní 1,500 báyìí. Àmọ́ bó bá lè mú kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú méjìlá, 2,310 ti tó.

Ibí ni iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá ní iṣẹ́ tí kálukú wọn lè ṣe. Ẹ wo orí: bó bá ń pọ̀ sí i, ẹni tuntun ń rí yín. Ẹ wo ìwò ẹnì kọ̀ọ̀kan: bó bá dúró sí ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n ń wá ṣùgbọ́n wọn kì í wo òmíràn, bóyá torí pé fídíò yín kò tọ́ka sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo ìṣẹ́jú ìwò kọ̀ọ̀kan: bó bá kéré, nǹkan kan nínú fídíò náà gan-an ló ń lé wọn jáde. Ti àbúrò mi, a rí i nínú àwòrán Audience retention. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ilà náà ti wó lulẹ̀. Ó ń kí gbogbo èèyàn, ó ń kí àwọn ará ìlú òyìnbó, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tẹ Subscribe, nígbà tí ẹni tó ní ẹ̀wà rírẹ lọ́wọ́ ń dúró de ohun tí òun máa ṣe sí i.

Ó gé ìkíni yẹn kúrò nínú fídíò tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kuru ni. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó èèpo ẹ̀wà nínú omi, ó sì ń ṣàlàyé bó ṣe ń bó o. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ó pè mí lálẹ́ Sátidé mìíràn. Ó kọ́kọ́ kí mi dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, ó wá kà á fún mi láti inú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, fídíò gígùn nìkan ni mo kà o. Ìwò 1,620. Wákàtí 189. Mo ti pín in, ìṣẹ́jú méje ni wọ́n ń dúró báyìí." Mo bi í pé orí òǹwòran ńkọ́. Ó ní òun ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé yẹn kò tíì bá ti àwọn yòókù mu.